Fọ́tò bàbá mi lórí sítétọ́ọ̀sì: ṣé kí n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní fọ́tò bàbá mi kan tí mo fẹ́ gbé sí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp lálẹ́ òní, kí n sì tún gbé e sí Instagram lọ́la. Kàdúná ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí mo lọ kí wọn ni mo yà á. Wọ́n wọ jálàbíà funfun, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì wo kámẹ́rà. Aṣọ fèrèsé yẹn ló pupa jù, ni mo bá yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí wọn, kò sí ayẹyẹ kankan, fọ́tò náà kàn wù mí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má kọ nǹkan kan sí i, pé fọ́tò tó dára kò nílò agbẹnusọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Àwọn tó ń wo sítétọ́ọ̀sì mi ni ẹbí ní Ìlọrin, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá, àti àwọn oníbàárà díẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ṣadé Garki

Àbúrò mi, má fi èyí sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀. Fọ́tò mìíràn wà tí mo lè ní kí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí. Wo ohun tó pàdé nínú rẹ̀: àgbàlagbà, dúdú àti funfun, aṣọ funfun, ojú tí kò wo ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà kò tún wá sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Lójú àwa Yorùbá, bí ìwọ̀nyí bá ti pé sójú kan, ìkéde ikú ni. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn burú. Bí wọ́n ṣe ń rí i nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́: bí àgbà bá kú lóru, fọ́tò ló ń kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, torí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò tíì rí ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí náà, fọ́tò àgbà tí kò ní ọ̀rọ̀ ń sọ pé ẹnu ọlọ́mọ ti wọhò.

Ẹni tó ń wo sítétọ́ọ̀sì kò sì ní àyè àròjinlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni fọ́tò fi ń dúró kó tó yí sí òmíràn. Ohun tí ojú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa fi parí ohun tí kò rí kà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá rí ìpè láti Ìlọrin, ẹnì kan yóò sì ti pe bàbá fúnra wọn láti wádìí bóyá wọ́n wà láyé. Ìyẹn gan-an ni kò dùn.

Tájù_Mararaba

Má fi sílẹ̀ lófìfo rárá, pàápàá lórí Instagram. Fọ́tò tí kò bá ní ọ̀rọ̀, wọ́n máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti tó, wọ́n á gbé e kiri fún ẹ.

Ṣadé Garki

Tájù, ìdajì rẹ̀ lo mú. Òótọ́ ni pé Instagram ń lo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan, ẹni tó bá ń ta ọjà gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń fìyà jẹ fọ́tò tó dákẹ́. Ta ló tún ń wá «Bàbá» lórí Instagram tó máa já sí ti ọmọ Ìlọrin yìí? Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ nínú ìwákiri. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń kọ ọ́ fún.

Ìyá Léèsì Wuse

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ti fẹ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ni mò ń kọ sábẹ́ léèsì mi lórí sítétọ́ọ̀sì, «Ó wà». Ṣùgbọ́n wọ́n á wò ó, wọn ò ní rà. Ṣé kí n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò ni?

Alàgbà Fọ́tò

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó burú. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Oníbàárà ti rí i pé ó wà, fọ́tò rẹ̀ ló ń wò. Ohun tó kù tí kò mọ̀ ni iye owó, yáàdì mélòó, àti ibi tó ti máa gbà á. Ẹ kọ «Yáàdì márùn-ún», ẹ fi iye owó sí i, ẹ fi ọjà Wuse parí rẹ̀. Ẹni tó bá tijú láti béèrè «Èló ni?» ti kọjá lọ kí ẹ tó rí i. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ Ìlọrin.

Ṣadé Garki

Ó ṣeun, Alàgbà. Ọmọ Ìlọrin, ó wá ku irú ọ̀rọ̀ wo. Ọ̀rọ̀ kan kì í sọ ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan mìíràn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ọ̀rọ̀ tó kàn pe orúkọ ohun tó wà nínú fọ́tò ni ó rọrùn jù: «Bàbá». Ó sọ ẹni tó jẹ́ sí ọ, kò sì ṣí ìbéèrè sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni ìkejì: «Ọpẹ́», tàbí «Alhamudulilahi». O lè rò pé ọpẹ́ ò lè dá wàhálà sílẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò àgbà, ọpẹ́ ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí a fi ń dúpẹ́. Gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò rò pé ara wọn kò yá tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa kọ «Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà» sí ọ, ìwọ á wá máa ṣàlàyé àìsàn tí kò sí.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ìyìn, ìyẹn ló sì léwu jù: «Akínkanjú», «Òpómúléró», «Títíláé». Ọ̀rọ̀ tó dára ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ibi tí a ti mọ̀ wọ́n ni orí ìwé ìkéde òkú. Bí o bá kọ «Òpómúléró» sábẹ́ fọ́tò dúdú àti funfun yẹn, ó sàn kí o má kọ nǹkan kan rárá.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Hàà! «Òpómúléró» gan-an ni ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ.

Mùsá Yorùbá Káṣíà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ará Sẹkitéríàtì kún un. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo lábẹ́ fọ́tò kò yàtọ̀ sí òfìfo lójú rẹ̀. Yóò wo fọ́tò, yóò wo ọ̀rọ̀ tí kò yé e, yóò sì fi ojú fọ́tò nìkan dájọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gùn, ó lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ kan, kò sẹ́ni tó ń ṣe wàhálà yẹn.

Ìdí rèé tí mo fi fara mọ́ «Bàbá». Àwọn Hausa náà ń pe bàbá ní baba. Ọ̀rọ̀ kan yẹn á yé ará Ìlọrin, á yé ará Hausa tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, yóò sì mọ̀ pé bàbá rẹ ni, kì í ṣe ọ̀gá rẹ àtijọ́ tàbí ààfáà kan. «Òpómúléró» ò lè ṣe ìyẹn. «Ọpẹ́» pàápàá ò lè ṣe é.

Ìbùkún_Jàbì

Èmi ò fara mọ́ «Bàbá» tán. Ẹni tó kú náà, «Bàbá» ni ọmọ rẹ̀ máa kọ. Ọ̀rọ̀ náà sọ ẹni tó jẹ́, kò sọ pé ó wà láyé. Bí ohun tí a ń bẹ̀rù bá jẹ́ pé kí wọ́n má rò ó sí ikú, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìgbà ló yẹ. «Lónìí». Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rí «Lónìí» lábẹ́ fọ́tò kó máa pe mọ́ṣáláṣí láti béèrè ìsìnkú. «Àná» náà dára.

Alàgbà Fọ́tò

Ìbùkún, ọpọlọ rẹ pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ló ya fọ́tò náà, òní sì ti di ọjọ́ Ẹtì. Bí bàbá bá rí «Lónìí» lórí fọ́tò ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n á ní irọ́ ni ọmọ àwọn ń pa. «Àná» sì tún ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kọ «Ana» láìsí àmì sábẹ́ fọ́tò àgbàlagbà ọkùnrin kí o wò ó bóyá wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ sí kí ọ kú oríire ìgbéyàwó. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká á tún un ṣe. Níbi tó dá wà, àmì nìkan ló ní. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan ní Yorùbá, kó fi Yorùbá kún Gboard rẹ̀, kó sì di lẹ́tà náà mú títí àwọn àmì á fi yọ jáde.

Tájù_Mararaba

Kó kọ «Kàdúná» nígbà náà. Wọ́n á mọ̀ pé ó lọ kí wọn ni, kò sí wàhálà.

Mùsá Yorùbá Káṣíà

Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ǹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní báyìí, láàárín àwa ará Àbújá, orúkọ ìlú nìkan lábẹ́ fọ́tò ti di ìròyìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí «Kàdúná» lásán kí àyà wọn má já, pàápàá tí ó bá wà lábẹ́ fọ́tò ẹnì kan tí kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn lójú ọ̀nà ni. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ẹrù rẹ, ó dára. Lábẹ́ ojú bàbá, rárá.

Tájù_Mararaba

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń bẹ̀rù jù o.

Ìyá Àgbà Lókójà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Èmi kò fẹ́ «Bàbá» lásán. A kì í pe àgbà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni pe ajá. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣe àdúrà fún wọn: kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí wọn. Bí o kò bá fẹ́ ṣe àdúrà, dákẹ́. Dídákẹ́ níwájú àgbà kì í ṣe àìmọ̀wàáhù.

Ṣadé Garki

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Mà. Nínú gúrúùpù ẹbí, mo gbà pẹ̀lú yín. Níbẹ̀ gbogbo èèyàn mọ ẹni tí wọ́n ń wò, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, fọ́tò tó dákẹ́ ò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, dídákẹ́ náà sì jẹ́ ọ̀wọ̀. Lórí sítétọ́ọ̀sì, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n ló pọ̀ jù. Àdúrà gígùn dára, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ìyẹn ni àbúrò wa ń béèrè, ó ti mú un kù sí ẹyọ kan tàbí òfìfo.

Ìyá Àgbà Lókójà

Mo ti sọ tèmi.

Alàgbà Fọ́tò

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fọ́tò náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó débi ọ̀rọ̀. Yọ dúdú àti funfun yẹn kúrò. Bí ó bá jẹ́ inú Google Photos lo ti yí i, ṣí i, tẹ Edit, wàá rí Revert, àwọ̀ rẹ̀ á padà. Ti aṣọ fèrèsé, gé etí fọ́tò náà kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà fa Saturation sílẹ̀ díẹ̀. Má fà á délẹ̀ pátápátá, ìyẹn ló sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Fi í síbi tí pupa á ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú bàbá ṣì ní àwọ̀ ẹran ara. Bí àwọ̀ bá ti padà, ìdajì ìbẹ̀rù ti lọ, ọ̀rọ̀ «Bàbá» á wá lè dá dúró.

Fọ́tò tó ṣáájú ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Sítétọ́ọ̀sì rẹ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: èyí tó pẹ́ jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí, òun ló sì ń ṣàlàyé èyí tó tẹ̀ lé e. Bí o bá ti gbé ọ̀rọ̀ tó bani nínú jẹ́, àbẹ́là, tàbí ẹyẹlé funfun síbẹ̀ láàárọ̀, tí bàbá sì tẹ̀ lé e lálẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè gbà ọ́. Ṣé o ní òmíràn láti ọjọ́ kan náà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tàbí tí wọ́n ń jẹun?

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Mo ní ọ̀kan tí wọ́n ti ń jẹ tùwó ṣìnkáfá, wọ́n ń fi ìka halẹ̀ mọ́ mi pé kí n má ya àwọn. Kò mọ́ dáadáa, ọwọ́ wọn ń mì nínú rẹ̀.

Alàgbà Fọ́tò

Òun ni kí o kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni torí ẹni tó ń jẹ tùwó kò kú. Lẹ́yìn rẹ̀ kí o gbé ti fèrèsé pẹ̀lú «Bàbá». Ibi tí àìsí ọ̀rọ̀ ti dára nìyẹn: níbi tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fọ́tò ti ṣe tán. Bíi fọ́tò ọjọ́ Iléyá náà ni. Ẹni tó wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ Iléyá kò nílò ọ̀rọ̀, ọjọ́ náà ti bá a kọ ọ́. Gbé fọ́tò kan náà síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, wọ́n á béèrè pé ibo lo ń lọ.

Ìbùkún_Jàbì

Ti Instagram ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó burú jù.

Ṣadé Garki

Ti Instagram le díẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tìrẹ lábẹ́ fọ́tò, kọ́mẹ́ǹtì tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa jókòó sí ipò yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ ló sọ fọ́tò náà lórúkọ. Bí ẹnì kan tó ń kánjú bá kọ «Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere», ẹni kejì kò ní béèrè, yóò kọ «Àmín». Ẹni kẹta á fi ẹkún sí i. Bí o bá fi máa jí, ogún èèyàn ti bá ọ kẹ́dùn, ó sì ṣòro láti pa kọ́mẹ́ǹtì ogún èèyàn rẹ́ láìṣe pé o bú wọn. Ọ̀rọ̀ kan tìrẹ dí àyè yẹn. Nítorí rẹ̀, bí o bá gbé e síbẹ̀, má lọ sùn. Dúró tì í fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí o sì fèsì fún ẹni àkọ́kọ́, «Wọ́n kí yín o», kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rí i pé bàbá ń kí èèyàn.

Bí o bá ṣì tún ṣi ọ̀rọ̀ kọ, Instagram á jẹ́ kí o tẹ Edit kí o yí i padà. Ti sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, pa á rẹ́ kí o tún un gbé, ó yá jù.

Adìtú_Gwagwalada

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba àwa tí a ń fi etí wo fọ́tò. TalkBack, ohun tó ń ka ojú fóònù sókè fún mi, ni mò ń lò. Fọ́tò tí kò ní ọ̀rọ̀, orúkọ yín àti pé fọ́tò ni ló máa ń kà fún mi, ó tán. «Bàbá» sàn, ó kéré tán mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá wọ́n jókòó tàbí wọ́n dúró. Instagram ní àyè kan tí wọ́n ń pè ní Alt text. Ẹni tó ń fojú wò kì í rí i. Ẹ lè fi abẹ́ fọ́tò sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tàbí lófìfo bó ṣe wù yín, kí ẹ kọ gbólóhùn kan síbẹ̀: bàbá àgbà nínú jálàbíà funfun, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Èmi á rí ohun tí wọ́n rí, ẹwà fọ́tò yín kò sì dínkù.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ èyí rárá. Mo ti dá àwọ̀ rẹ̀ padà, ó tiẹ̀ dára ju ti dúdú àti funfun lọ. Mo ti kọ ti Alt text. Tùwó máa ṣáájú, ti fèrèsé á tẹ̀ lé e pẹ̀lú «Bàbá», àárọ̀ ọ̀la ni mo máa gbé méjèèjì, kì í ṣe alẹ́ òní. Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kí n fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn rẹ̀? Àbí ọkàn pupa?

Ìbùkún_Jàbì

Má fi àmì ìdánudúró sí i. «Bàbá.» dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí lórí wọn. Ọkàn pupa dára.

Mùsá Yorùbá Káṣíà

Àmì ìdánudúró kò ṣe nǹkan kan, èèyàn kì í tiẹ̀ rí i. Àmì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, «Bàbá…», ni kí o sá fún. Ìyẹn ń sunkún.

Ṣadé Garki

Èmi kò ní fi ohunkóhun sí i. Ọkàn pupa kò burú, funfun ni kí o má lò, wọ́n ti ń fi kẹ́dùn.

Tájù_Mararaba

Fi ọkàn pupa méjì sí i jàre.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun máa gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, òun á gbé e sí tòun láìsí ọ̀rọ̀. Kí ni mo lè ṣe sí ìyẹn?

Alàgbà Fọ́tò

Fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú «Bàbá» lábẹ́ rẹ̀, má fi òfìfo ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ darí rẹ̀ síwájú, WhatsApp á gbé ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé fọ́tò àfi tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn yọ ọ́. Àti pé, rí i dájú pé aláwọ̀ ni èyí tí o fi ránṣẹ́, kí o sì pa ti dúdú àti funfun yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ kí wọ́n tó wá béèrè rẹ̀.